Nígbà tí bórọ́ọ̀nù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá pàdé nínú sílíkọ́ọ̀nù kan náà

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo wà. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n fún wa, sílíkọ́ọ̀nù kan ní bórọ́ọ̀nù 1 × 10¹⁶ nínú sẹ̀ǹtímítà onígun kan, wọ́n wá fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 1.5 × 10¹⁶ kún un. Mo kọ ọ́ pé agbéná, ìyẹn ohun tó ń gbé iná kiri inú rẹ̀, di 2.5 × 10¹⁶. Ìwé ní 5 × 10¹⁵ ni. Báwo la ṣe fi nǹkan kún un tó tún wá dín kù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye."

Àbúrò mi, ìwé yín tọ̀nà. Agbéná kọ́ ni wọ́n dà sínú sílíkọ́ọ̀nù yẹn. Átọ́mù ni wọ́n dà sí i, ohun tí ọ̀kan ń fẹ́ sì yàtọ̀ sí ohun tí èkejì ń fẹ́.

Átọ́mù sílíkọ́ọ̀nù ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́rin lóde ara rẹ̀, ó sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di aládùúgbò mẹ́rin mú. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ní márùn-ún. Tí ó bá jókòó sí ààyè átọ́mù sílíkọ́ọ̀nù kan, mẹ́rin rí ẹni dì mú, ẹ̀karùn-ún kò rí. Agbára tó so ẹ̀karùn-ún yìí mọ́ ilé kéré, bíi 0.045 eV péré, ooru inú yàrá sì ti tó láti já a gbà. Ó di ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń rìn kiri. Ní ti bórọ́ọ̀nù, mẹ́ta ló ní, nítorí náà ìdè kan lára rẹ̀ kò pé. Á fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan láti inú ìdè àwọn tó wà nítòsí rẹ̀, ibi tó ti fà á á sì di ihò. Ihò yìí náà ń ṣípò láti ìdè kan sí èkejì, ó sì ń gbé iná.

Tó bá jẹ́ bórọ́ọ̀nù nìkan ló wà níbẹ̀, ihò 1 × 10¹⁶ lo máa rí. Tó bá jẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nìkan, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 1.5 × 10¹⁶ ni. Ṣùgbọ́n méjèèjì ló wà pọ̀. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó bọ́ lọ́wọ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà lókè ní ti agbára, àlàfo ara bórọ́ọ̀nù sì wà nísàlẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àlàfo bá ṣì wà, inú rẹ̀ ló ń já sí. Ó dà bí ẹni tó ti ọjà Wàndó dé tó bá ẹni tó jẹ ní gbèsè lẹ́nu ọ̀nà: gbèsè ni owó ọjà yóò kọ́kọ́ san, èyí tó bá ṣẹ́kù nìkan ló lè ná. Bórọ́ọ̀nù gba 1 × 10¹⁶, èyí tó ṣẹ́kù ló wà nínú ìwé yín. Tí a bá pe iye fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ní Nd, iye bórọ́ọ̀nù ní Na, iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní n, iye ihò ní p, tí ni sì dúró fún iye ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjèèjì nínú sílíkọ́ọ̀nù tí a kò fi nǹkan kan sí:

```
n = Nd - Na = 1.5e16 - 1.0e16 = 5e15
p = ni² / n = (1e10)² / 5e15 = 2e4
```

Ìlà kejì yẹn ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀ wà. Nínú sílíkọ́ọ̀nù tí a kò fi nǹkan kan sí, ooru yàrá nìkan ń já ìdè díẹ̀díẹ̀, nǹkan bíi 1 × 10¹⁰ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù àti ihò 1 × 10¹⁰ ló sì ń wà nínú sẹ̀ǹtímítà onígun kan, láàárín átọ́mù 5 × 10²². Tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá pọ̀ sí i, ihò tó bá yọjú á tètè pàdé ọ̀kan nínú wọn, àwọn méjèèjì á sì parẹ́. Ìdí nìyẹn tí ihò fi já wálẹ̀ láti 1 × 10¹⁶ tó wà níbẹ̀ nígbà bórọ́ọ̀nù, tó di 20,000. Nítorí náà kì í ṣe pé agbéná dín kù sí ìdajì lásán. Irú rẹ̀ ti yí padà: ihò ló ń gbé iná tẹ́lẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń gbé e báyìí.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé mo ti rí i bó ṣe ba iṣẹ́ jẹ́. Kí n tó padà sí Àjàṣẹ́ níbí láti máa kọ́ àwọn ọmọ lísẹ́ẹ̀ ní físíìsì, mo bá àwọn kan ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí kan tí wọ́n ti ń ṣe pẹlẹbẹ tó ń gba iná lára oòrùn. A máa ń ra pẹlẹbẹ sílíkọ́ọ̀nù oníbórọ́ọ̀nù, a ó kó o sínú ààrò gbígbóná, a ó sì jẹ́ kí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wọ ojú rẹ̀ díẹ̀, kí ojú lè di ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nígbà tí inú ṣì jẹ́ ti ihò. Ààlà tó wà láàárín méjèèjì ni iná oòrùn ti ń jáde. Nígbà kan, àpótí kan dé láti ọwọ́ ẹni tó ń ta á, a ṣe é bí a ṣe máa ń ṣe é, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò sì mú fólítì kankan jáde. Gbogbo ènìyàn kọjú sí ààrò. Wọ́n yí ìwọ̀n ooru, wọ́n fọ páìpù, wọ́n pààrọ̀ gáàsì. Kò yí padà.

Mítà ìtakò iná ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Wọ́n wọn pẹlẹbẹ náà, ó fi bíi 1.1 Ω·cm hàn, ohun tí a sì ń retí láti ara oníbórọ́ọ̀nù kò jìnnà sí i. Jẹ́ kí n fi nọ́ńbà tìrẹ hàn ọ́ bí èyí ṣe lè ṣẹlẹ̀. Ìtakò kò dúró lórí iye agbéná nìkan, ó dúró lórí bí ó ṣe ń yára rìn náà, tí a ń pè ní μ, tí mo kọ ní mu nísàlẹ̀; rho ni ìtakò, n ni iye agbéná, q sì ni iná tí agbéná kan ń gbé:

```
rho = 1 / (q × n × mu)
bórọ́ọ̀nù nìkan: 1 / (1.6e-19 × 1e16 × 430)  ≈ 1.45
méjèèjì:        1 / (1.6e-19 × 5e15 × 1100) ≈ 1.14
```

Wò ó dáadáa. Agbéná ti dín sí ìdajì, síbẹ̀ ìtakò kò pọ̀ sí i, ńṣe ló tún dín díẹ̀, nítorí pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yára ju ihò lọ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀. Ẹni tó bá gba 1.14 yìí tó wo tábìlì àwọn oníbórọ́ọ̀nù á sọ pé ihò bíi 1.3 × 10¹⁶ ló wà níbẹ̀. Kò sì sí ihò kankan níbẹ̀ tó tó nǹkan. Mítà yẹn kò lè sọ irú agbéná fún ọ láéláé. Ohun kan tún wà: àwọn átọ́mù tó ti san gbèsè àti àwọn tó ti gbà á kò kúrò níbẹ̀. Gbogbo 2.5 × 10¹⁶ ló ṣì dúró, tí ọ̀kan jẹ́ pọ́sítífù tí èkejì jẹ́ nẹ́gátífù, wọ́n sì ń yí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lọ́nà bó ṣe ń kọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ 1,100 dípò nǹkan bíi 1,400 tó máa ń jẹ́ nínú sílíkọ́ọ̀nù tó mọ́.

Ohun tó tú àṣírí àpótí yẹn ni àyẹ̀wò tó rọrùn jù lọ, tí ìwọ náà lè ṣe ní Kétu tí o bá rí àfọ́kù pẹlẹbẹ sílíkọ́ọ̀nù tí wọn ò tíì kun irin sí. Wá mítà tó lè wọn mílífólítì àti irin tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń jó wáyà. Fi wáyà pupa mítà so mọ́ irin gbígbóná náà, kí dúdú wà lára abẹ́rẹ́ tó tutù. Jẹ́ kí irin gbóná dáadáa, kí o sì yọ ọ́ kúrò lára iná kí o tó wọn, torí iná ilé tó ń jò láti ara rẹ̀ á da nọ́ńbà rú. Fi méjèèjì kan pẹlẹbẹ náà, kí wọ́n jìnnà síra díẹ̀. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ pọ́sítífù, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń gbé iná níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ nẹ́gátífù, ihò ni. Ìdí rẹ̀ ni pé agbéná tó wà lábẹ́ irin gbóná, ó sì ń sá lọ sí ibi tó tutù. Tó bá jẹ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ló sá lọ, ibi gbígbóná á ṣẹ́kù ní pọ́sítífù.

Ṣe é níbi tí oòrùn kò ti ràn sí i, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ náà lè dá fólítì sílẹ̀ lára pẹlẹbẹ. Bí nọ́ńbà bá ń fò sókè sódò, tẹ abẹ́rẹ́ náà kí ó la ìpele tín-ín-rín tí afẹ́fẹ́ máa ń dá sílẹ̀ lójú sílíkọ́ọ̀nù kọjá. Má ṣe gbìyànjú láti fi ásíìdì bó o nínú ilé, èyí tí wọ́n fi ń bó o ń pa ènìyàn. Àyẹ̀wò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ pin sí o. Lára sílíkọ́ọ̀nù tí agbéná inú rẹ̀ kéré gan-an, ó lè fi pọ́sítífù hàn níbi tí ihò ti fi díẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ, torí ìyára ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù máa ń borí. Ní 5 × 10¹⁵, kò sí ìṣòro.

Nínú àpótí tiwa, apá kan jẹ́ pọ́sítífù, apá kan jẹ́ nẹ́gátífù. Àwọn kan rò pé oníṣòwò da oríṣi méjì pọ̀ ni, ṣùgbọ́n igi sílíkọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ni wọ́n gé gbogbo rẹ̀ láti ara rẹ̀, igi tí wọ́n fi èyí tí kò mọ́ dáadáa yọ́. Nígbà tí sílíkọ́ọ̀nù yíyọ́ bá ń dì, kì í gba gbogbo àlejò bákan náà. Nínú bórọ́ọ̀nù tó wà nínú omi rẹ̀, ó ń mú ìwọ̀n 0.8 wọlé, nínú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, 0.35 péré. Èyí tí kò wọlé ń kó jọ sínú omi tó kù, nítorí náà fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń lọ láti orí igi, tó kọ́kọ́ dì, sí ìdí rẹ̀, tó dì kẹ́yìn, ó sì ń pọ̀ ju bí bórọ́ọ̀nù ṣe ń pọ̀ lọ.

Ká ní orí igi ní bórọ́ọ̀nù 1 × 10¹⁶ àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 7 × 10¹⁵. Ihò 3 × 10¹⁵ ló ṣẹ́kù níbẹ̀. Tí o bá ṣírò rẹ̀, nígbà tí igi bá ti dì dé nǹkan bíi 55 nínú ọgọ́rùn-ún, méjèèjì á dọ́gba. Ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún, bórọ́ọ̀nù ti di bíi 1.4 × 10¹⁶, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ti di bíi 2 × 10¹⁶, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 6 × 10¹⁵ ló sì ṣẹ́kù. Lágbègbè ibi tí wọ́n ti dọ́gba, ìtakò iná máa ń ga lójijì kó tún tó wálẹ̀. Tí ẹ bá rí irú òkè bẹ́ẹ̀ bí ẹ ṣe ń wọn pẹlẹbẹ ní títẹ̀lé bí wọ́n ṣe gé wọn, ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti gbé irin gbígbóná dé, kí ẹ ya orí igi sọ́tọ̀ kúrò lára ìdí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọ̀kan wọ ààrò.