Ẹ̀yà tó dúró fún odindi nínú ewì

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè mọ sinẹ́kídókì yàtọ̀ sí mẹtọ́nímì nínú ewì?

Ìdáhùn: Ẹ wò ó bóyá ohun tí akéwì dárúkọ jẹ́ ẹ̀yà ara ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, sinẹ́kídókì ni; tó bá jẹ́ ohun mìíràn tó kàn so mọ́ ẹni náà, mẹtọ́nímì ni. Òwe kan ní, "Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan." Àwọn èrò tó ń wọ́ wá jẹ ọ̀fẹ́ ni ẹsẹ̀ dúró fún. Ara wọn ni ẹsẹ̀ wà, sinẹ́kídókì nìyẹn. Mo fẹ́ràn pé ẹsẹ̀ ni wọ́n yàn, kì í ṣe ojú: ìró ẹsẹ̀ ló kún ilé nígbà tí oúnjẹ wà, òun náà ló sì dákẹ́ nígbà tí olóore kú.

Ti adé yàtọ̀. Nínú orúkọ bí Adébáyọ̀, ìdílé ọba ni adé dúró fún, bẹ́ẹ̀ adé kì í ṣe ẹ̀yà ara ọba, ohun tó ń dé ni. Mẹtọ́nímì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n tí akéwì bá ní wọ́n gbé adé lé e lórí, adé gan-an ló ń wí. Ẹ fi "ọba" rọ́pò rẹ̀. Tí gbólóhùn náà bá dàrú, adé náà kò dúró fún nǹkan mìíràn.