Ìtumọ̀ 4Y16-01 nínú sẹ́dúù irin pílà
Ẹ jọ̀ọ́, kí ni 4Y16-01 nínú ìwé irin pílà 225 × 225, báwo ni mo ṣe máa fi irin lé irin, mélòó ni kó sì fi jìnnà sí pákó?

Irin mẹ́rin ni, Y16 jẹ́ irin líle tó ní ìlà lára, ìbú ẹ̀ jẹ́ mílímítà 16, 01 sì ni nọ́ńbà ẹ̀ nínú sẹ́dúù. Lé e ní mílímítà 640, kó o fi 25 sílẹ̀ sí pákó.

640 yẹn jẹ́ 16 lọ́nà 40, òun ni wọ́n sábà máa ń lò, àmọ́ tí nóòtì dírọ́ọ̀n bá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tiẹ̀ ni kó o tẹ̀lé.

Ẹ̀yìn rínǹgì tó yí irin mẹ́rin náà ká ni wọ́n ti ń wọn 25 yẹn o, kì í ṣe ara irin ńlá. Torí náà rínǹgì gbọ́dọ̀ jẹ́ 225 yọ 50, ìyẹn 175 láti ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn. Ibi tí àwọn áyọ̀nbẹ́ńdà ti ń ṣì í nìyí: wọ́n á tẹ rínǹgì sí 200, 12 àtààbọ̀ péré ló máa kù, tó bá yá ìpẹtà á la kọnkéré. Bísíkì oní-25, ìyẹn kọnkéré kékeré tí kì í jẹ́ kí irin kan pákó, ni kó o so mọ́ rínǹgì, tí ò bá ráyè wọlé, rínǹgì ti tóbi jù.

Pílà tó wà nínú ilẹ̀ nílò jù 25 lọ.