Ohun tí xG kà, àti ohun tí kò kà, lọ́jọ́ tí a pàdánù ní Ìkẹ́rẹ́

“Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹgbẹ́ wa pàdánù 0 sí 1 lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá wa ṣírò sọ pé xG wa ju tiwọn lọ dáadáa. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ gan-an, ṣé a sì lè fi sọ pé àwa la gbá bọ́ọ̀lù dára jù?”

Àbúrò mi, akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ni mo jẹ́ ní Adó-Èkìtì, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi ṣírò xG, ìyẹn iye góòlù tó yẹ kí a retí láti inú àwọn bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ kan gbá sójú ilé, fún odidi sáà kan nínú ìwé àjákọ. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan tí a gbá ní Ìkẹ́rẹ́ ni n ó fi dá ọ lóhùn, nítorí pé ìṣirò ọjọ́ náà ṣì mí lọ́nà, a sì tún pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mìíràn kí ojú mi tó là.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Àwọn tó ń ṣírò rẹ̀ a kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún bọ́ọ̀lù tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti gbá sójú ilé jọ, wọ́n a kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá àti bí wọ́n ṣe gbá a, wọ́n a sì kọ bóyá ó wọlé tàbí kò wọlé. Bí ẹnì kan bá wá gbá bọ́ọ̀lù sójú ilé lónìí, wọ́n a wò ó pé nínú gbogbo irú rẹ̀ tó ti kọjá, mélòó ló wọ àwọ̀n. Bí mẹ́wàá bá wọlé nínú ọgọ́rùn-ún, ìgbìyànjú náà gba 0.10. Pẹnáríti, tó jẹ́ pé ibì kan náà ni wọ́n ti ń gbá a nígbà gbogbo, máa ń gba nǹkan bí 0.76 sí 0.79, nítorí pé bí mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó lé díẹ̀, ló ń wọlé láàárín àwọn tó fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe. Ohun tó yẹ kí o dì mú níbẹ̀ ni pé kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ti ń díye lé e: bí ó bá wọlé, iye náà kò di 1, bí aṣọ́lé bá sì mú un, kò di òdo.

Ohun méjì ló ń gbé iye náà sókè tàbí wálẹ̀ jù lọ, ìyẹn ni bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ilé, àti bí òpó méjèèjì ṣe ṣí sílẹ̀ tó lójú ẹni tó fẹ́ gbá a. Ilé bọ́ọ̀lù fẹ̀ ní mítà 7.32. Ẹni tó dúró sí ibi pẹnáríti, ní mítà 11 sí ìlà, ń rí òpó méjèèjì ní igun tó tó nǹkan bí dígírì 37. Bí ó bá sún sẹ́yìn dé mítà 22, igun náà a sún kì, a ku bí 19. Ṣùgbọ́n wò ó bí kò bá sún sẹ́yìn rárá, tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló sún sí ní mítà 11: igun náà a ṣì wálẹ̀ dé bí 19 kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jìnnà sí ìlà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀lù tí a gbá láti ẹ̀gbẹ́ fi máa ń gba iye kékeré tó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó wo bóyá orí ni wọ́n fi kàn án tàbí ẹsẹ̀, àti irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi sí ẹni náà. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tún máa ń ka ibi tí aṣọ́lé àti àwọn tó ń dènà dúró sí, àwọn mìíràn kì í kà á. Nítorí náà, má jẹ́ kí ó yà ọ́ lẹ́nu bí o bá rí xG méjì tí kò bára mu fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo.

Ní Ìkẹ́rẹ́, ìgbà mẹ́tàdínlógún ni a gbá bọ́ọ̀lù sójú ilé. Méjìlá wá láti ọ̀nà jíjìn, mo sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0.05, èyí tó jẹ́ 0.60 lápapọ̀. Mẹ́ta jẹ́ èyí tí a fi orí kàn láti inú kọ́nà, 0.10 lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 0.30. Méjì tó kù wá nínú ìkọlù kan ṣoṣo: atamátàsé wa gbá a nítòsí, mo fún un ní 0.35, aṣọ́lé tì í padà, òun kan náà tún gbá a, mo fún ìkejì ní 0.45, aṣọ́lé tún fi ẹsẹ̀ gbé e jáde. Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di 1.70. Àwọn gbá a sójú ilé lẹ́ẹ̀mejì péré, 0.45 tó wọlé ní ìṣẹ́jú kejìlá, àti 0.08 nígbà tó yá. Tiwọn jẹ́ 0.53. Àwọn ló borí, 1 sí 0.

Mo dúró níwájú àwọn ọmọ mi lọ́jọ́ kejì, mo ka iye méjèèjì fún wọn, mo sì sọ pé àwa la dára jù, pé oríire ni àwọn yẹn fi borí. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn ni.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ wà nínú ìròpọ̀ fúnra rẹ̀. Mo ka 0.35 àti 0.45 bí ẹni pé góòlù méjì lè ti inú ìkọlù yẹn wá, nígbà tó jẹ́ pé bí àkọ́kọ́ bá wọlé, ìkejì kò ní sí rárá. Ohun tó yẹ kí a bi ni pé, báwo ni ó ṣe ṣeé ṣe tó kí ọ̀kan nínú méjèèjì wọlé? Bí a ṣe ń ṣe é ni pé kí a kọ́kọ́ wá bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí méjèèjì kùnà, kí a sì yọ ìyẹn kúrò nínú 1:

```
1 - (1 - 0.35) × (1 - 0.45) = 0.64
```

0.64 ni, kì í ṣe 0.80. Àpapọ̀ wa wálẹ̀ dé 1.54. Ó ṣì ju 0.53 lọ fíìfíì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí irú bọ́ọ̀lù àtìpadà bẹ́ẹ̀ bá wáyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, ẹgbẹ́ tí aṣọ́lé kan ṣoṣo dá dúró lè dà bí èyí tó fọ́ ilé ẹlòmíràn túútúú.

Ìkejì ni pé mo ń pe 1.70 ní góòlù méjì tí wọ́n jí gbé lọ́wọ́ wa. Wá wo bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí a má gbá ẹyọ kan wọlé pẹ̀lú àwọn àǹfààní wọ̀nyẹn:

```
0.95^12 × 0.90^3 × 0.65 × 0.55 = 0.14
```

Bí a bá gbá irú ọjọ́ yẹn ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, bí ìgbà mẹ́rìnlá ni a ó kúrò lórí pápá láìgbá ohunkóhun wọlé. Ìyẹn tó ẹ̀ẹ̀kan nínú méje. Kì í ṣe ohun àrà, kò sì sí ìdí láti máa wá àlàyé oríire fún un.

Síbẹ̀, àwọn méjì yìí kéré sí ohun tí mo fẹ́ kí o mú lọ sílé. Nígbà tí mo padà sí ìwé mi, mo rí i pé mẹ́wàá nínú bọ́ọ̀lù ọ̀nà jíjìn méjìlá yẹn àti gbogbo èyí tí a fi orí kàn ló wáyé lẹ́yìn ìṣẹ́jú kejìlá, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbá góòlù wọn. Àwọn ènìyàn náà ti sún sẹ́yìn tinútinú. Wọ́n kó ènìyàn mẹ́sàn-án sínú àpótí ilé wọn, wọ́n sì jọ̀wọ́ ìta rẹ̀ fún wa kí a máa gbá a láti ibẹ̀ bí a bá fẹ́. xG wa ń pọ̀ sí i nítorí pé ohun tí wọ́n fẹ́ kí a ṣe là ń ṣe. Iye tí a kọ sábẹ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kò mọ ẹni tó ń borí nígbà tí a gbá bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ kan kò lè kọlù mọ́ ni, tàbí ó yàn láti má kọlù mọ́.

Èyí tó tún burú jù ni ohun tí kò wọ inú ìwé rárá. Nítorí pé à ń lé góòlù, mo ti pàṣẹ fún ọmọ tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn wa lápá ọ̀tún pé kí ó máa gòkè. Lẹ́ẹ̀mejì ní abala kejì, wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wa, wọ́n sáré gba ibi tí ọmọ náà fi sílẹ̀, wọ́n sì gbá bọ́ọ̀lù kọjá níwájú ilé wa gbọọrọ. Ẹni tó yẹ kí ó fi ẹsẹ̀ kàn án kò débẹ̀ ní àsìkò. Kò sí ẹsẹ̀ tó kan bọ́ọ̀lù, kò sí ìgbìyànjú, xG wọn fún méjèèjì jẹ́ òdo. Ewu tó ga jù tí a rí lọ́jọ́ náà nìyẹn, ìwé mi kò sì sọ ohunkóhun nípa rẹ̀, nítorí pé bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá sójú ilé nìkan ni xG ń kà.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà a lọ sí Ọ̀yẹ́. Nítorí ohun tí ìṣirò sọ fún mi, n kò yí ohunkóhun padà, ọmọ náà ṣì ń gòkè. Bọ́ọ̀lù méjì gba ọ̀nà kan náà wá sí iwájú ilé wa, ẹsẹ̀ kàn án lọ́tẹ̀ yìí, a sì pàdánù 0 sí 2. Ọmọ náà sunkún nínú ọkọ̀ padà sílé. Èmi ni mo rán an níṣẹ́ tó dá a lẹ́bi, ó sì dùn mí di òní.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ èyí: àwọn iye tí mo ń lò wá láti inú àkọsílẹ̀ àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù. Aṣọ́lé tiwa tí kò tíì ga tán, lórí pápá tí bọ́ọ̀lù ti ń ta kọ́ṣọ́kọ́ṣọ́, kì í ṣe aṣọ́lé tí wọ́n fi ṣe ìṣirò wọ̀nyẹn. Bí ẹni tó ń bá yín ṣírò bá ń lo irú àtẹ bẹ́ẹ̀, iye rẹ̀ lè ṣe é fi wé ara wọn, ṣùgbọ́n má gbà á bí ohun tó dájú dé ibi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Nítorí náà, n kò lè fi iye yẹn nìkan sọ fún ọ pé ẹ̀yin lẹ dára jù lọ́jọ́ Sátidé. Gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ṣírò, kí o kọ ìṣẹ́jú tí ẹ gbá bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o sì fa ìlà sábẹ́ ìṣẹ́jú tí wọ́n gbá góòlù wọn. Ro ohun tó wà lókè ìlà lọ́tọ̀, kí o ro ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà, pe aṣọ́lé yín, kí o bi í pé ìgbà mélòó ni bọ́ọ̀lù kọjá níwájú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kàn án, àti apá ibo ló ti wá. Ìwé tèmi ní ààyè kan fún ìyẹn báyìí, ó sì jẹ́ òun ni mo kọ́kọ́ máa ń kà.