Ẹni tó ń bú mi nínú VALORANT: ṣé kí n dá a lóhùn ni àbí kí n pa á lẹ́nu mọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo wà, ọmọ ọdún 19 ni mí, géèmù ìbọn tí wọ́n ń pè ní VALORANT ni mo sì máa ń gbá lálẹ́. Bí mo bá ti lanu sọ̀rọ̀ nínú máìkì báyìí, ẹnìkan á bẹ̀rẹ̀: á sín mi jẹ, á ní kí n lọ dáná, á máa fi ilẹ̀ wa bú mi. Bí mo bá dá a lóhùn, ṣe ló máa ń le sí i. Bí mo bá sì pa á lẹ́nu mọ́, ẹ̀rù máa ń bà mí pé mi ò ní gbọ́ ibi tí ọ̀tá wà. Mo ti fẹjọ́ wọn sùn títí, mi ò rí nǹkan kan. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, gbólóhùn kan ti tó. Bó bá ti bú ọ lẹ́ẹ̀kan, pa á lẹ́nu mọ́ lójú ẹsẹ̀, má dúró wò ó bóyá á jáwọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé o ò lè dìde kúrò nínú ìdíje yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ gba ráúńdì 13 ló ń borí, ó sì lè gbà tó ìṣẹ́jú 30 tàbí 40. Ẹni tó bá jáde kó tó parí, géèmù á kà á sí ẹni tó sá fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ìjìyà rẹ̀ á sì já lé e lórí. Bí o bá wá fi ráúńdì mẹ́ta wò ó bóyá á dákẹ́, ráúńdì mẹ́ta yẹn gan-an ni inú á ti bí ọ kọjá ibi tí ọwọ́ rẹ ti lè ṣiṣẹ́ dáadáa.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Tẹ Esc, kí o sì lọ sí ojú ewé tí wọ́n kọ MATCH sí. Wàá rí orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú ìdíje náà. Àmì méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún ohùn, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀. Tẹ méjèèjì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe, wọ́n á pa ohùn nìkan. Ẹni náà á wá rí i pé o ò fèsì mọ́, á bọ́ sínú ṣáàtì, èébú tí o sá fún ní etí á wá máa yọ sí ọ lójú.

Kò ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ, àkókò rẹ̀ sì wà. Kí ráúńdì tó bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 30 ni wọ́n máa ń fún yín láti ra ìbọn àti ohun ìjà. Ra tìrẹ, kí o sì ṣe é nígbà náà. Tó bá jẹ́ àárín ráúńdì ló bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọ, má ṣí ojú ewé yẹn nígbà tí ọ̀tá lè yọ sí ọ. Dúró títí ráúńdì á fi parí, tàbí kí o ṣe é bí wọ́n bá ti yìnbọn pa ọ́ tí o kàn ń wòran. Má sì sọ fún un pé o ti pa á lẹ́nu mọ́. Ìkéde yẹn gan-an ló ń fẹ́ gbọ́, àwọn mìíràn á sì torí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dí ọ lọ́nà tàbí kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù.

Ní ti ibi tí ọ̀tá wà, ohun tí o máa pàdánù kò tó bí o ṣe rò. Ẹ pé márùn-ún nínú ẹgbẹ́. Bí o bá pa ẹnìkan lẹ́nu mọ́, o ṣì ń gbọ́ àwọn mẹ́ta yòókù. Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù ni pé bí ẹni tí o pa lẹ́nu mọ́ bá fojú kan ọ̀tá, ọ̀tá náà á hàn lórí àwòrán ilẹ̀ kékeré tó wà ní igun lókè, yálà ó sọ̀rọ̀ tàbí kò sọ. Nítorí náà, lẹ́yìn tí o bá ti pa á lẹ́nu mọ́, kọ́ ojú rẹ láti máa sáré wo igun yẹn lóòrèkóòrè. Tìrẹ náà ò ní kí o sọ̀rọ̀ dandan. Bọ́tìnnì Z lo máa fi ń píǹgì, àfi bí o bá ti yí i padà: nàka sí ibi tí o rí ọ̀tá, tẹ̀ ẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ á rí àmì níbẹ̀.

Jẹ́ ká mú un bí ẹni wà nídìí ẹ̀. Ẹ ti gba mẹ́ta, wọ́n ti gba mẹ́rin, ráúńdì kẹjọ ló kàn. Sage lo ń gbá, ẹni tó ń wo ẹlòmíràn sàn. Wọ́n pa ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ yín kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ló bá gbé máìkì, ó ní ìwọ lo fà á, ó wá fi ohùn rẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Má tẹ V, tí í ṣe bọ́tìnnì tí o fi ń bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀. Parí ráúńdì yẹn. Bí àkókò ìrajà bá dé, ra ìbọn rẹ, tẹ Esc, pa ohùn rẹ̀, pa ṣáàtì rẹ̀, kí o padà. Ó ṣì kù tó ìṣẹ́jú àáyá 20. Gbé ọwọ́ rẹ kúrò lórí máòsì pátápátá, fa èémí sínú kí o fi ka mẹ́rin, tú u síta kí o fi ka mẹ́fà, lẹ́ẹ̀mejì péré. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tàbí àṣà ni mo fi ń sọ èyí. Ẹni tínú ń bí máa ń fún máòsì mọ́wọ́, ọwọ́ tó le kò sì lè gbé ojú ìbọn rọra. Ìbọn á máa fò kọjá orí ẹni tí o fẹ́ yìn. Nígbà tí ráúńdì bá bẹ̀rẹ̀, bí o bá rí ọ̀tá méjì ní A, ìyẹn ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń gbé bọ́ǹbù kalẹ̀, tẹ V, sọ pé “méjì ní A” ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí o sì fi V sílẹ̀. Ohun tí àwọn mẹ́ta yòókù nílò lẹ́nu rẹ nìyẹn.

Jọ̀ọ́, jẹ́ kí máìkì rẹ wà lórí títẹ-kí-o-tó-sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo, má fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bí o bá kan pòṣé tàbí tí o gbin lásán, ẹni tó ń wá ìjà á ti rí ohun tí yóò dì mú.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí pípa ẹnìkan lẹ́nu mọ́ kò fi ní tó, ìyẹn bí àwọn mẹ́rin bá jọ jẹ́ ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ wọlé, tí gbogbo wọn wá kọjú sí ọ. Nígbà náà, lọ sí Settings, kí o wọ Audio, lẹ́yìn náà Voice Chat, kí o sì pa Team Voice Chat. Fi píǹgì àti àwòrán ilẹ̀ kékeré gbá ìyókù. Rántí tan án padà nígbà tí ìdíje bá parí.

Ó ku ẹjọ́ tí o ń sùn. Ohun tó ń ba ẹjọ́ jẹ́ jù ni pé wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ ẹ̀sùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Inú á bí èèyàn, á wá mú ẹ̀sùn ojóòró tàbí ti ẹni tó sá kúrò, nítorí pé ó rò pé ìyẹn le jù. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á wá ojóòró, wọn ò ní rí i, ẹjọ́ parí. Tẹ ọ̀tún máòsì lórí orúkọ rẹ̀ ní ojú ewé MATCH kan náà, yan Report, kí o sì mú èyí tó bá ohun tó ṣe mu gan-an: èébú ohùn yàtọ̀ sí èébú ṣáàtì, ìhàlẹ̀ náà sì ní ààyè tirẹ̀. Bó bá ṣe méjì, yan méjèèjì. Nínú àpótí tí wọ́n ní kí o kọ ọ̀rọ̀ sí, kọ ráúńdì tó ti ṣẹlẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an, gbólóhùn méjì, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. “Èèyàn burúkú ni” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ rọrùn láti yẹ̀ wò ju ohùn lọ, torí pé ó ti wà lákọsílẹ̀. Ìdí kan náà ni mo fi ń bẹ̀ ọ́ kí o má tẹ èsì kankan: bí o bá bú u padà nínú ṣáàtì, tìrẹ náà ti wà lákọsílẹ̀, òun náà sì lè fẹjọ́ rẹ sùn.

Bí o bá gbàgbé nígbà tí ìdíje ń lọ, ṣí Career lẹ́yìn tó bá parí, wá ìdíje náà, kí o sì ṣe é láti ibẹ̀. Mo fẹ́ràn ìgbà yẹn jù, ọkàn ti rọlẹ̀. Bí wọ́n bá fìyà jẹ ẹni náà, ìsọfúnni kan lè yọ sí ọ nígbà tí o bá tún wọlé, àmọ́ wọn kì í sọ irú ìyà tó jẹ́. Lẹ́yìn náà, má tẹ ìdíje mìíràn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dìde, mu omi.

Nǹkan méjì wà tó lè dín in kù kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Nínú Settings, lábẹ́ General, apá Privacy wà níbẹ̀ tí o ti lè fi orúkọ rẹ pamọ́ fún àwọn tí ẹ kò jọ wọlé pọ̀. Orúkọ ẹni tí o ń gbá ni wọ́n á máa rí. O tún lè ní kí ó kọ ìbéèrè ọ̀rẹ́ fúnra rẹ̀, kí wọ́n má bàa tẹ̀lé ọ jáde. Èkejì ni lágì, ìyẹn kí géèmù máa falẹ̀ nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí wọ́n máa ń fi bú àwọn ará ilé wa. Ilẹ̀ Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ nínú sáfà tí à ń lò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé géèmù náà, wà. Kí o tó tẹ ìdíje, wo iye tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan nínú lọ́bì, kí o yan èyí tó kéré jù fún ọ, kí o sì yọ èyí tó pọ̀ jù kúrò.

Bó bá wá di ìhàlẹ̀, tó ní òun mọ ilé rẹ, tàbí tó dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní èébú. Lórí Windows, Win+Alt+G máa ń fi ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 30 sẹ́yìn pamọ́, àmọ́ kìkì bí o bá ti ṣí gbígbà sílẹ̀ náà nínú Xbox Game Bar ṣáájú. Ṣí i lónìí. Report inú géèmù kò gba fídíò, nítorí náà kọ ìwé sí àwọn tó ń ran àwọn tó ń gbá géèmù náà lọ́wọ́ ní support-valorant.riotgames.com, kí o so fídíò náà mọ́ ọn, pẹ̀lú ọjọ́, aago àti Riot ID rẹ̀ bó ṣe wà lójú ewé. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015 ní Nàìjíríà, abala 24, kan ìhàlẹ̀ báyìí, ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá sì ní ẹ̀ka tó ń bójú tó o. Tí ẹni náà bá wà nílẹ̀ òkèèrè, ọwọ́ wọn lè má tètè tó o, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹni tó mọ ọ ní Ìbàdàn, kí o mú fídíò yẹn dání lọ bá wọn, kí àgbàlagbà kan nílé sì bá ọ lọ.