Níbo ni máàsì tó dín nínú núkílíọ́ọ̀sì ń lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtumọ̀ máàsì dìfẹ́ẹ̀tì gan-an, níbo ni máàsì yẹn ń sá lọ? Tíṣà wa fún wa ní máàsì átọ́ọ̀mù hélíọ́ọ̀mù, 4.002603 u, wọ́n ní ká wá báíńdìn ẹ́nájì fún núkílíọ́ọ̀nù kan. 6.82 MeV lèmi ń rí, àwọn ní 7.07 ni. Mo ti ṣe é tì.

Ìdáhùn: Àbúrò, máàsì púrótọ́ọ̀nù lo lò, 1.007276 yẹn, ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà ti wọlé. Màá dé ibẹ̀, àmọ́ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ibi tí máàsì ń lọ, torí ẹni tí ìyẹn bá yé dáadáa kò tún nílò kó máa há fọ́múlà sórí mọ́.

Ká mú èyí tó kéré jù, dutéríọ́ọ̀mù, ìyẹn háídírójìn tó wúwo. Púrótọ́ọ̀nù kan àti nútírọ́ọ̀nù kan péré ló wà nínú núkílíọ́ọ̀sì ẹ̀. Átọ́ọ̀mù háídírójìn lásán jẹ́ 1.007825 u, nútírọ́ọ̀nù kan jẹ́ 1.008665 u, tó o bá ro wọ́n pọ̀ ó di 2.016490 u. Ṣùgbọ́n táwọn tó ń wọn máàsì bá gbé átọ́ọ̀mù dutéríọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀ sórí ẹ̀rọ, 2.014102 u ni wọ́n ń bá. Nǹkan kan náà ni, púrótọ́ọ̀nù kan nútírọ́ọ̀nù kan ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, ṣùgbọ́n ó fi 0.002388 u fúyẹ́ ju ìgbà tí wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ. Èyí tó dín yẹn ni máàsì dìfẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó sì jẹ́ pé 1 u dọ́gba pẹ̀lú 931.494 MeV, 0.002388 u jẹ́ 2.224 MeV.

Níbo ló wá lọ? Ó jáde ni, wọ́n sì ti rí i níbi tó ti ń jáde. Tí nútírọ́ọ̀nù tó ń rọra lọ bá wọ inú omi, tí púrótọ́ọ̀nù kan nínú háídírójìn omi yẹn gbá a mú, ojú ẹsẹ̀ ni ìtànṣán gámà kan á jáde, ẹ́nájì tó gbé lọ́wọ́ sì jẹ́ 2.22 MeV. Kì í ṣe 2, kì í ṣe 3, iye tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìyọkúrò rí yẹn gẹ́lẹ́ ni (ohun bíńtín kan wà tí dutéríọ́ọ̀mù fúnra ẹ̀ mú nígbà tó ta sẹ́yìn, kò tó nǹkan). Kódà wọ́n rí gámà yìí kan náà láti ojú oòrùn lóṣù kẹjọ ọdún 1972 nígbà tí oòrùn bú jáde, sátẹ́láìtì kan tí wọ́n ń pè ní OSO-7 ló rí i, nítorí àwọn nútírọ́ọ̀nù tí ìbúgbàù náà tú sílẹ̀ ni háídírójìn tó wà lójú oòrùn ń gbá mú.

Ó ṣeé ṣe láti òdì kejì náà. Ní 1934, àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, Chadwick àti Goldhaber, ní Kémbíríìjì tan gámà 2.62 MeV, èyí tó ń jáde látara tóríọ́ọ̀mù, sára dutéríọ́ọ̀mù, ó sì já sí méjì. 2.62 ju 2.22 lọ, ló ṣe lè tú u, ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ni púrótọ́ọ̀nù àti nútírọ́ọ̀nù fi sá lọ. Gámà tí kò bá tó 2.22 kò lè tú u, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Èmi rò pé ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń rú àwọn ọmọ ilé ìwé lójú ni pé wọ́n gbà pé báíńdìn ẹ́nájì jẹ́ nǹkan tí núkílíọ́ọ̀sì kó pamọ́ sínú, bí ìgbà tí ẹ́nájì wà nínú bátìrì. Òdìkejì ẹ̀ ni o. Ó ti lọ. Ó jáde lọ́jọ́ tí àwọn ará inú ẹ̀ para pọ̀, ó mú máàsì tiẹ̀ dání lọ, ìdí nìyẹn tí èyí tó kù fi fúyẹ́. Báíńdìn ẹ́nájì ni iye tí ẹni tó bá fẹ́ tú wọn ká pátápátá gbọ́dọ̀ san padà.

Ó yá, ká ṣe ti hélíọ́ọ̀mù ẹ. Púrótọ́ọ̀nù méjì, nútírọ́ọ̀nù méjì, núkílíọ́ọ̀nù mẹ́rin lápapọ̀. Dípò púrótọ́ọ̀nù, átọ́ọ̀mù háídírójìn la máa kọ:

```
2 × 1.007825 = 2.015650
2 × 1.008665 = 2.017330
2.015650 + 2.017330 = 4.032980
4.032980 − 4.002603 = 0.030377 u
0.030377 × 931.494 = 28.30 MeV
28.30 ÷ 4 = 7.07 MeV
```

Ìdí tó fi jẹ́ háídírójìn: 4.002603 tí wọ́n fún ẹ, máàsì átọ́ọ̀mù ni, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ti wà nínú ẹ̀. Nígbà tó o wá kọ púrótọ́ọ̀nù lásán sí apá kejì, o ń yọ àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí o kò kó sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn wọn gàrí láìsí báàgì láàárọ̀, tó wá wọn èyí tó kù pẹ̀lú báàgì nírọ̀lẹ́, tó ń wá iye tó tà. Tó o bá lo átọ́ọ̀mù háídírójìn méjì, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì wà lápá ọ̀tún, méjì wà lápá òsì, wọ́n pa ara wọn rẹ́ láìjẹ́ pé o ronú kàn wọ́n rárá.

Wò ó bó ṣe bá àṣìṣe yẹn mu. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan jẹ́ 0.000549 u, méjì ń lọ sí 0.0011 u, ìyẹn nǹkan bíi 1.02 MeV. Pín in sí mẹ́rin, ó di 0.256. Yọ ọ́ kúrò lára 7.07, o dé 6.82 tí ò ń rí. Nítorí náà ìṣirò ẹ yòókù dáa, kò sí ibòmíì tó ti já.

Ẹni tó bá rí jìnnà lè ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù hélíọ́ọ̀mù ò so mọ́ núkílíọ́ọ̀sì bí ti háídírójìn ṣe so, nítorí náà wọn ò pa ara wọn rẹ́ tán. Òótọ́ ni. Gbogbo ohun tó gbà láti yọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjèèjì kúrò lára hélíọ́ọ̀mù jẹ́ 79 eV, nígbà tí èyí tí à ń wá lé ní mílíọ̀nù méjìdínlọ́gbọ̀n eV. Fi sílẹ̀, kò ní hàn nínú ìdáhùn ẹ.

Ṣùgbọ́n ka ìbéèrè dáadáa o. Ìgbà míì wọ́n á kọ "máàsì núkílíọ́ọ̀sì" síbẹ̀, tí wọ́n á fún ẹ ní 4.001506 u fún hélíọ́ọ̀mù. Ìyẹn ti bọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀, púrótọ́ọ̀nù 1.007276 ló yẹ kó o bá a lò, tó o bá lo háídírójìn níbẹ̀ ìdáhùn ẹ á pọ̀ jù. Tí wọn ò bá sọ èyí tó jẹ́, tó sì jẹ́ pé inú tébù lo ti mú nọ́ńbà, ti átọ́ọ̀mù ni, torí átọ́ọ̀mù ni wọ́n máa ń kọ sínú tébù.

Èyí tó burú nínú àṣìṣe púrótọ́ọ̀nù yìí ni pé ìdáhùn tó ń gbé jáde máa ń jọ òótọ́. Irin, irin-56, ní púrótọ́ọ̀nù 26, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 26 náà nìyẹn, tó o bá gbàgbé wọn 13.3 MeV ló máa lọ. Síbẹ̀ tó o bá pín in fún 56, 8.55 lo máa rí dípò 8.79, kò sẹ́ni tó máa wò ó tó máa pariwo. Nítorí náà, má fi ojú wo ìdáhùn nìkan, wo ìlà àkọ́kọ́ tó o kọ: ṣé átọ́ọ̀mù wà lápá méjèèjì, àbí núkílíọ́ọ̀sì wà lápá méjèèjì?

Àṣìṣe kejì tiẹ̀ wọ́pọ̀ jù ú lọ, ìyẹn kéèyàn gé nọ́ńbà kúrú kó tó ṣe ìyọkúrò. Máàsì tó dín nínú hélíọ́ọ̀mù kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún máàsì ẹ̀. Bó o bá kọ 1.01 fún háídírójìn, 1.01 fún nútírọ́ọ̀nù, 4.00 fún hélíọ́ọ̀mù, o máa rí 0.04 u, ìyẹn 37 MeV, ó ti fi mẹ́sàn-án lé. Gbogbo ohun tí à ń wá ló wà nínú àwọn nọ́ńbà ẹ̀yìn póìǹtì yẹn. Jẹ́ kí mẹ́fà wà níbẹ̀ títí wàá fi yọ ọ́ tán, lẹ́yìn ìyẹn o lè gé e bó o ṣe fẹ́. Ní ti 931.494, tí wọ́n bá ní kó o lo 931, lò ó, 7.07 náà lo ṣì máa rí.

Pípín fún iye núkílíọ́ọ̀nù, òun ló jẹ́ ká lè fi kékeré wé ńlá. Yuréníọ́ọ̀mù-235 ní báíńdìn ẹ́nájì tó lé ní 1,780 MeV, ti irin-56 jẹ́ 492 péré, ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan á ní yuréníọ́ọ̀mù ló le jù. Ṣùgbọ́n bó o bá pín in, yuréníọ́ọ̀mù jẹ́ 7.59 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, irin jẹ́ 8.79. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú irin ló ti ju ẹ́nájì sílẹ̀ jù, nítorí náà tí yuréníọ́ọ̀mù bá là sí méjì tó túbọ̀ sún mọ́ irin, ẹ́nájì tún máa jáde sí i. Dutéríọ́ọ̀mù tiẹ̀ jẹ́ 1.11 péré, kò pọ̀ rárá, àwọn tó ń para pọ̀ láti di hélíọ́ọ̀mù ní 7.07 sì ń fò sókè gan-an, ibẹ̀ ni ooru oòrùn ti ń wá. Eddington, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ti ń sọ irú ẹ̀ láti 1920, ọdún kan náà tí Aston, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì míì, wọn hélíọ́ọ̀mù tó rí i pé kò tó háídírójìn mẹ́rin.

Kò sí núkílíọ́ọ̀sì kankan tó ju nǹkan bíi 8.8 lọ. Níkẹ́ẹ̀lì-62 ló ga jù, ó fi bíńtín ju irin-56 lọ. Tó o bá rí 14 fún hélíọ́ọ̀mù, á jẹ́ pé púrótọ́ọ̀nù méjì nìkan lo fi pín in, o gbàgbé nútírọ́ọ̀nù.

Fi irin-56 dán ara ẹ wò: máàsì átọ́ọ̀mù ẹ̀ jẹ́ 55.934936 u, púrótọ́ọ̀nù 26, nútírọ́ọ̀nù 30. Kó o tó sọ ọ́ di MeV, máàsì tó dín gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bíi 0.5285 u. Tí 0.514 bá jáde, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló tún sá mọ́ ẹ lọ́wọ́.