Takirolímọ́ọ̀sì àti oògùn ikọ́ ife

"Àbúrò mi tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún ti ní ikọ́ ife. Ṣé ó lè lo oògùn rẹ̀ pọ̀ mọ́ takirolímọ́ọ̀sì?"

Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Ẹ jọ̀wọ́, kó má bẹ̀rẹ̀ rifampísìn, ọ̀kan pàtàkì lára oògùn ikọ́ ife, láìjẹ́ pé dókítà kíndìnrín rẹ̀ mọ̀ sí i. Takirolímọ́ọ̀sì kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì T, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ogun ara, ránṣẹ́ pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti gbógun ti kíndìnrín àlejò; sẹ́ẹ̀lì yìí kan náà ló sì ń sé kòkòrò ikọ́ ife mọ́ inú ẹ̀dọ̀fóró, ìdí nìyẹn tí èyí tó ti ń sùn fi lè jí. Rifampísìn ní tirẹ̀ ń mú kí ẹ̀dọ̀ àti ìfun tètè fọ́ takirolímọ́ọ̀sì, débi pé ìwọ̀n rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ gan-an láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, tí ara yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kíndìnrín náà. Ó lè má dùn ún rárá. Kireatinínì, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń sẹ́ dànù, tó bá ń gòkè ló sábà máa ń tú u fó.

Rifabútìn, oògùn tó jọ rifampísìn àmọ́ tí kì í fọ́ takirolímọ́ọ̀sì tó bẹ́ẹ̀, sàn jù fún un. Bí ẹ kò bá rí i rà n'Ìbàdàn níhìn-ín, tó sì jẹ́ rifampísìn ló máa lò, dókítà yóò fi kún ìwọ̀n takirolímọ́ọ̀sì rẹ̀, yóò sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò léraléra, kí ó tó lo oògùn òwúrọ̀. Lẹ́yìn tí rifampísìn bá parí, wọ́n gbọ́dọ̀ dín takirolímọ́ọ̀sì kù padà díẹ̀díẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò pọ̀ jù, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, oògùn náà yóò sì ba kíndìnrín jẹ́.