Àlọ́ Olóòótọ́ àti Òpùrọ́: Bí Ìdáhùn Rẹ̀ Ṣe Máa Jẹ́ Ẹyọ Kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní Àkúrẹ́. Mo ṣe àlọ́ kan fún kíláàsì mi: olóòótọ́ kì í purọ́ rárá, òpùrọ́ kì í sọ òótọ́ rárá. Àwọn mẹ́ta ń tajà ní Ọjà Ọba. Àdùkẹ́ ní, "Òpùrọ́ ni Bísí." Bísí ní, "Òpùrọ́ ni Délé." Délé ní, "Olóòótọ́ ni Àdùkẹ́." Ìdáhùn tèmi ni pé Bísí nìkan ló ń purọ́. Ọmọ kan ní Bísí nìkan ló ń sọ òótọ́, tirẹ̀ náà sì bára mu. Kí ló fà á, báwo ni mo sì ṣe lè mọ̀ pé ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà?

Ìdáhùn: Ọmọ náà jàre, tíṣà. Ẹni tó bá pe ẹlòmíì ní òpùrọ́, ohun kan ṣoṣo ló jẹ́ ká mọ̀: irú àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra. Bí òun bá jẹ́ olóòótọ́, òpùrọ́ ni ẹnì kejì. Bí òun bá jẹ́ òpùrọ́, irọ́ ló pa, olóòótọ́ sì ni ẹnì kejì. Ẹni tó bá pe ẹlòmíì ní olóòótọ́ ń jẹ́ ká mọ̀ pé irú kan náà ni wọ́n. Kò sí èyí tó sọ irú tí ẹnikẹ́ni jẹ́ gan-an. Nítorí náà, ìdáhùn yòówù tó bá bára mu, ẹ sọ gbogbo olóòótọ́ inú rẹ̀ di òpùrọ́, kí gbogbo òpùrọ́ di olóòótọ́, yóò tún bára mu. Méjì-méjì ni ìdáhùn irú àlọ́ yìí máa ń wá, tàbí kó má sí rárá. Ẹ báà fi ogún èèyàn kún un, bákan náà ni.

Ẹ nílò ó kéré tán gbólóhùn kan tó sọ̀rọ̀ nípa èèyàn méjì pa pọ̀, tàbí tó ka iye òpùrọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ti Àdùkẹ́ àti ti Bísí sílẹ̀, ká pààrọ̀ ti Délé nìkan. Mo máa fi O dúró fún olóòótọ́, P fún òpùrọ́, Àdùkẹ́ ṣáájú, Bísí tẹ̀ lé e, Délé gbẹ̀yìn. Gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ fi OPO àti POP sílẹ̀ fún wa.

Bí Délé bá ní, "Òpùrọ́ kan péré ló wà nínú àwa mẹ́ta," méjèèjì ṣì bára mu. Bó bá ní, "Òpùrọ́ méjì péré ló wà," kò sí èyí tó kù: nínú OPO, olóòótọ́ ti purọ́, nínú POP, òpùrọ́ ti sọ òótọ́. Ibi kejì yìí ló máa ń tan èèyàn jẹ jù, torí ọ̀pọ̀ ń yẹ ọ̀rọ̀ olóòótọ́ wò, wọn kì í yẹ ti òpùrọ́ wò. Ọ̀rọ̀ òpùrọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ irọ́, bí ti olóòótọ́ ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́.

Ẹ wá jẹ́ kí Délé sọ pé, "Irú kan náà ni Àdùkẹ́ àti Bísí." Ìyẹn ló ṣiṣẹ́. Láti rí i dájú, ẹ kọ gbogbo ọ̀nà mẹ́jọ sílẹ̀, láti OOO dé PPP, kí ẹ máa fagi lé èyí tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bá kọ̀. Àdùkẹ́ pa mẹ́rin rẹ́: OOO, OOP, PPO, PPP. Bísí pa OPP àti POO rẹ́. Délé pa OPO rẹ́. POP ló kù. Kí ẹ má ṣe dúró níbi tí ẹ ti rí ìdáhùn tó bára mu. Ìlà tí ẹ kò bá yẹ̀ wò ni ọmọ kíláàsì máa mú wá bá yín.

Ẹ tún yọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Láìsí ti Àdùkẹ́, PPO wọlé pẹ̀lú POP. Láìsí ti Bísí, OPP wọlé. Láìsí ti Délé, OPO padà wá. Kò sí ọ̀rọ̀ tó jókòó lásán níbẹ̀, ohun tí mo sì fẹ́ràn nínú àlọ́ nìyẹn.

Èèyàn mẹ́rin á di ìlà 16, márùn-ún á di 32. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti wúlò. Nínú èyí tí mo fi Python kọ fún àwọn mẹ́ta wa yìí, a ni Àdùkẹ́, b ni Bísí, c ni Délé; True dúró fún olóòótọ́, False fún òpùrọ́:

```python
from itertools import product
for a, b, c in product([True, False], repeat=3):
    if a == (not b) and b == (not c) and c == (a == b):
        print(a, b, c)
```

`False True False` nìkan ló máa jáde, ìyẹn POP. Ẹ má yọ àmì àkámọ́ tó wà nídìí `(a == b)`: `c == a == b` túmọ̀ sí pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, kò sì ní sí ìdáhùn kankan tó máa jáde.

Tí ẹ bá sì ń ka òpùrọ́ nínú àlọ́ míì, ẹ má kọ "ọ̀kan nínú wa jẹ́ òpùrọ́" lásán. Ẹ kọ "ọ̀kan péré" tàbí "ó kéré tán, ọ̀kan," torí èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú lè yí iye ìdáhùn padà.